Fọ́tò àtẹ: àdírẹ́sì ẹnì kan di róò mẹ́ta, kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (8:14 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìṣẹ́yìn. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí akọ̀wé tó ṣáájú mi tẹ̀ ni mo fẹ́ kó wọ kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé mẹ́rin ni, èèyàn 16 lójú kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ 64. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin ló ní: nọ́ńbà, orúkọ, àdírẹ́sì, owó tó ní nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti kú tipẹ́, bébà nìkan ló kù sí wa lọ́wọ́.

Mo fi fóònù ya wọ́n, mo wá gbé fọ́tò náà fún ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán di ọ̀rọ̀. Ó kà á ju bí mo ṣe retí lọ, àmì ohùn díẹ̀ ló fò. Ibi àdírẹ́sì ni wàhálà wà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gùn, kò gba ìlà kan, ó wá sọ̀kalẹ̀ sí ìlà méjì tàbí mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ẹ̀rọ yìí sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di róò. Ojú ìwé kìíní tó yẹ kó jẹ́ róò 16 ti di 41. Ẹ wo ẹni kẹta bó ṣe jáde (mo ti pa orúkọ dà):

```
3 | Àlàbí | Ilé Alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yìn | 45,000
  |       | ọjà, Ìṣẹ́yìn, Òkè-   |
  |       | Ògùn                |
```

Ọjọ́ Sátidé ni ẹni tó ń yẹ ìwé owó wa wò ń bọ̀. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì (8:31)

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ sà. Èyí ò le rárá. Tí ẹ bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ má tẹ `Enter` lásán, `Alt+Enter` ni kí ẹ tẹ̀, ọ̀rọ̀ á wálẹ̀ sí ìlà kejì láì kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ sì tẹ `Wrap Text` lókè. Bí mo ṣe ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà aṣọ mi nìyẹn, tí mo bá fẹ́ kọ ìwọ̀n èjìká àti àyà wọn síbì kan. Kò dà mí láàmú rí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (8:40)

Ẹ ṣeun mà. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò ni ẹ̀rọ ń kà, òun ló ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá Ìbejì (8:42)

Áà, mo ti rí i. Ẹ má bínú. Mo jókòó sí ẹ̀yìn báyìí, mo ń kọ́ṣẹ́ 😀

Bàbá Atẹ̀wé (9:05)

Èèyàn 64 péré? Láyé tiwa, kí ẹ tó mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ mi á ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́rin tún iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ṣe, ta ló jèrè?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (9:11)

Òótọ́ lẹ sọ bàbá, bó bá jẹ́ èyí nìkan ni. Ìwé owó oṣooṣù ọdún mẹ́jọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tí mo bá rí ọ̀nà sí èyí, ìyókù á rọrùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà wà nílé, ó lè bá mi kọ kóòdù.

Dámilọ́lá (9:26)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kì í sì í gba ìlà méjì. Torí náà, róò tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣófo kì í ṣe ẹni tuntun, ìyókù àdírẹ́sì ẹni tó wà lókè rẹ̀ ni. Kí ọmọ yín fi èyí so wọ́n padà:

```python
esi = []
for r in roo:
    if r[0].strip():
        esi.append(r)
    else:
        for i, t in enumerate(r):
            esi[-1][i] = (esi[-1][i] + " " + t).strip()
```

Ó tán. Róò 41 á padà di 16. Mo ti lò ó fún àtẹ ìdánwò ilé ìwé wa, kò já mi kulẹ̀.

Àjàní Akàwòrán (10:02)

Dámilọ́lá, ọgbọ́n náà dára, àmọ́ ẹ má tíì sáré lò ó. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí akọ̀wé kọ́kọ́ wò.

Àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀rọ tó ka fọ́tò ló gé róò náà, àbí fáìlì tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí? Àìsàn méjì yìí jọra lójú. Ẹ̀rọ mìíràn máa ń ka sẹ́ẹ̀lì náà dáadáa, á kó ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsọ̀kalẹ̀ ìlà láàárín wọn. Nígbà tó bá wá di CSV, tí ẹni tó kọ kóòdù ò bá fi `"` yí sẹ́ẹ̀lì náà ká, tàbí tó jẹ́ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni kóòdù tó ń kà á ń gé, róò á tún ya. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ wo ibi tí ìyókù ọ̀rọ̀ bọ́ sí. Tó bá wà ní abẹ́ àdírẹ́sì gan-an, tí nọ́ńbà àti orúkọ ṣófo níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ akàwòrán ló gé e. Tó bá jẹ́ pé «ọjà, Ìṣẹ́yìn» ló bọ́ sábẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà, tí owó wá fò lọ sí kọ́lọ́ọ̀mù kejì, ẹ má fọwọ́ kan fọ́tò yín mọ́, fáìlì ló ṣẹ̀. Látinú ohun tí ẹ fi hàn wá lókè, ti ẹ̀rọ ni tiyín.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Nínú bébà yẹn, níbo ni nọ́ńbà dúró sí nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀? Ṣé òkè ni, tó bá ìlà kìíní àdírẹ́sì dọ́gba, àbí àárín? Tó bá jẹ́ àárín, kóòdù Dámilọ́lá á fi orí ẹnì kan lé ọrùn ẹlòmíràn. Ìlà kìíní àdírẹ́sì tó wà lókè nọ́ńbà ò ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kóòdù á sì rò pé ti ẹni tó ṣáájú ni.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (10:20)

Mo ti gbé bébà náà wá síwájú mi. Ní ojú ìwé kìíní, òkè ni nọ́ńbà wà. Láti ojú ìwé kejì lọ, àárín ló wà! N ò tilẹ̀ kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Bí ẹni pé ẹlòmíràn ló tẹ ìyẹn.

Ohun mìíràn tún nìyí: ojú ìwé 1 sí 3 ní ìlà dúdú tí wọ́n fà yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ká. Ojú ìwé 4 ò ní ju ìlà kan lábẹ́ àkọlé, àyè lásán ló pín èèyàn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Dámilọ́lá (10:34)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, a lè mọ̀ bóyá ó ṣì kan èèyàn. Ẹ ro owó pọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá so wọ́n tán. Bí àpapọ̀ bá bá ti bébà mu, kò sí wàhálà.

Àjàní Akàwòrán (10:41)

Rárá o, àbúrò. Orí ìlà kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà ni owó wà, owó ò ní kúrò lọ́dọ̀ olówó. Àpapọ̀ á pé pérépéré, àdírẹ́sì 15 á sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣìṣe tó léwu jù nìyẹn, torí ìṣirò ò lè fà á yọ. Ojú ló máa rí i: àdírẹ́sì kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ọjà, Ìṣẹ́yìn», «Ilé» tirẹ̀ á sì wà ní ìparí àdírẹ́sì ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Ṣadé Oníwèé (11:15)

Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí nọ́ńbà bá wà láàárín ni pé mo máa ń wọn bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí nọ́ńbà tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá sún mọ́ ọn jù ló ni ín. Ẹ ó rí ìwọ̀n náà tí ẹ bá ní kí `tesseract` fún yín ní TSV, kọ́lọ́ọ̀mù `top` àti `height` wà níbẹ̀:

```
tesseract oju2.png oju2 -l yor --psm 6 tsv
```

Àjàní Akàwòrán (11:38)

Ìyáàfin Ṣadé, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ bí sẹ́ẹ̀lì gbogbo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọn ò bá dọ́gba. Ká ní àdírẹ́sì ẹni kọkànlá jẹ́ ìlà kan, ti ẹni kejìlá sì jẹ́ ìlà márùn-ún. Nọ́ńbà 11 wà lórí ìlà kan ṣoṣo tó ní. Nọ́ńbà 12 wà láàárín márùn-ún, ìyẹn ìlà kẹta. Ìlà kìíní ẹni kejìlá wá jìnnà sí nọ́ńbà tirẹ̀ ní ìlà méjì, ó sì jìnnà sí nọ́ńbà 11 ní ìlà kan péré. Ọ̀dọ̀ ẹni kọkànlá ló máa lọ. Ẹni tó bá sún mọ́ni kọ́ ló ń jẹ́ bàbá ẹni.

Akọ̀wé, níwọ̀n ìgbà tí ojú ìwé 1 sí 3 ní ìlà, ẹ gbàgbé nọ́ńbà níbẹ̀. Ìlà tí wọ́n fà ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́: ohun gbogbo tó bá wà láàárín ìlà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, róò kan ni, ì báà jẹ́ ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ẹ má kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ ka gbogbo ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ìlà dúdú jáde, ẹ gé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ṣe máa wá ìlà tó dùbúlẹ̀ nìyí, `cv2.IMREAD_GRAYSCALE` ni kí ẹ fi ṣí `aworan`:

```python
_, d = cv2.threshold(aworan, 0, 255,
    cv2.THRESH_BINARY_INV + cv2.THRESH_OTSU)
k = cv2.getStructuringElement(
    cv2.MORPH_RECT, (d.shape[1] // 30, 1))
ila = cv2.morphologyEx(d, cv2.MORPH_OPEN, k)
```

Ẹ yí `k` dúró fún ìlà tó wà lóòró. Nọ́ńbà 30 yẹn ni ẹ fi ojú sí. Kóòdù yìí ń pa gbogbo dúdú tí kò gùn tó `k` rẹ́. Tí ẹ bá jẹ́ kí `k` kúrú jù, ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ ọ̀rọ̀, àti àmì `-` tó nípọn, á di ìlà àtẹ, àdírẹ́sì á tún pín sí méjì. Tí ẹ bá jẹ́ kó gùn jù, tí fọ́tò sì tẹ̀ díẹ̀, ìlà gidi á pòórá, èèyàn méjì á di ọ̀kan. Bí fọ́tò bá fi ìwọ̀n dígírì kan péré tẹ̀, ìlà á ti kúrò nípò ní nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 17 nínú 1000. Ìlà tó nípọn ní píksẹ́ẹ̀lì 3 á wá wà ní gbọọrọ fún nǹkan bíi 170 kó tó bọ́ sílẹ̀. Fọ́tò tiyín bá fẹ̀ tó 2400, `k` á jẹ́ 80, ó ṣì wà lábẹ́ 170. Ẹ ṣáà tún fọ́tò náà ṣe kó dúró ṣánṣán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá Ọlọ́run-ń-sọlá (12:20)

Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ìlà ńkọ́? Ti ìjọ wa ò ní ìlà kankan, orúkọ akọrin ni, àwọn ẹlòmíràn tún ní orúkọ oyè tó gùn ju àdírẹ́sì lọ. Mo fi píńsìlì àti rúlà fa ìlà sórí bébà kí n tó yà á. Ó ṣiṣẹ́ gan-an o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá Atẹ̀wé (12:27)

Ẹ ò rí i? Rúlà! Mo fara mọ́ ìyá yìí.

Àjàní Akàwòrán (12:50)

Kò burú rárá mà, bí bébà bá jẹ́ tiyín. Ìwé ẹgbẹ́ tí ẹni tó ń yẹ owó wò ń bọ̀ wá bá, n ò ní fi píńsìlì kàn án. Ẹ fa ìlà sórí fọ́tò, ẹ̀dà ni.

Ní ti ojú ìwé 4, àyè tó wà láàárín ìlà ló máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ àtẹ sábà máa ń jẹ́ kí àyè láàárín èèyàn méjì ju àyè láàárín ìlà méjì inú sẹ́ẹ̀lì kan lọ. Nínú TSV, ẹ mú èyí tí `level` rẹ̀ jẹ́ `4`, ìlà odidi nìyẹn, `5` ni ọ̀rọ̀ ẹyọ. Ẹ má lo `top` lásán fún Yorùbá: ìlà tó ní Ọ̀ tàbí Á ga ju èyí tí kò ní lọ, ìlà tó ní ẹ àti ṣ sì sọ̀kalẹ̀ jù. Ẹ wá àárín rẹ̀, `top` pẹ̀lú ìdajì `height`. Akọ̀wé, ẹ ka díẹ̀ sí wa létí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (3:35 ọ̀sán)

A ti ṣe é. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ lójú ìwé 4 nìyí, láti òkè wá sísàlẹ̀:

```
412  446  481  541  576  637  671  705
```

Àjàní Akàwòrán (3:52)

Ẹ wò ó bó ṣe mọ́lẹ̀! Láti 412 sí 446 jẹ́ 34, 446 sí 481 jẹ́ 35, lẹ́yìn náà 481 sí 541 jẹ́ 60. Nínú sẹ́ẹ̀lì, 34 tàbí 35. Láàárín èèyàn, 60 tàbí 61. Ibi tí àyè bá ti ju 47 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ róò tuntun. Ìlà mẹ́ta fún ẹni kìíní, méjì fún ẹnì kejì, mẹ́ta fún ẹnì kẹta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lórí bébà?

Tí àyè méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn, bíi 34 àti 38, ọ̀nà yìí ò ní gbà yín.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (4:03)

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí! Ọmọ wa ń jó nínú pálọ̀.

Dámilọ́lá (4:30)

Mo gbà pé mo sáré. Mo padà lọ wo àtẹ ilé ìwé wa, òkè ni nọ́ńbà wà ní gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló fi ṣiṣẹ́. Mo tún rí ihò mìíràn nínú kóòdù mi: bí ìlà tó kọ́kọ́ wà lójú ìwé bá jẹ́ ìyókù ẹni tó wà lójú ìwé tó ṣáájú, `esi` á ṣófo, kóòdù á sì ṣubú pẹ̀lú `IndexError: list index out of range`. Ẹ so gbogbo ojú ìwé pọ̀ kí ẹ tó lò ó.

Ṣadé Oníwèé (5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń gé sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má gé e mọ́ ọ̀rọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ máa ń súnmọ́ ìlà dúdú ìsàlẹ̀. Mo gé tèmi jìn díẹ̀ kí ìlà dúdú má bàa wọlé, gbogbo «Ìṣẹ́yìn» tó wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì wá di «Ìséyìn», nǹkan kan ò sì ṣe èyí tó wà ní ìlà òkè. Ibi tí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ẹ̀rọ, nìyẹn. Ní báyìí, etí ìlà dúdú gan-an ni mo ti ń gé, mo sì ń fi àyè funfun píksẹ́ẹ̀lì 10 yí i ká kí n tó gbé e fún `--psm 6`.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (8:47 alẹ́)

Àbọ̀ ìròyìn. Ojú ìwé 1 àti 2: 16, 16. Ojú ìwé 3 mú 15 wá. Òjìji ọwọ́ mi ló bọ́ sí apá ọ̀tún fọ́tò, ìlà dúdú kan ò jáde níbẹ̀, èèyàn méjì wá lẹ̀ pọ̀. A tún un yà lẹ́bàá fèrèsé, ó di 16. Ojú ìwé 4 mú 17 wá: ẹnì kan ti fi bírò kọ «ó ti kó lọ sí Ṣakí» sáàárín ìlà méjì àdírẹ́sì ẹnì kan, ẹ̀rọ ò ka bírò yẹn, àmọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fi àyè sílẹ̀ fún un, ó jẹ́ 58. Ọwọ́ ni mo fi so ìyẹn.

Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí mo bá ń so ìlà, ṣé kí n fi àyè lásán sáàárín, àbí kí n jẹ́ kó ṣì wà ní ìlà mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì? Ọmọ wa sì ní kóòdù kan tó ń yọ `-` tó bá gbẹ̀yìn ìlà, ó ní wọ́n fi ń pín ọ̀rọ̀ ni. Ó wá sọ Òkè-Ògùn di «ÒkèÒgùn» fún èèyàn mọ́kànlá.

Dámilọ́lá (9:02)

Àyè lásán, àfi ibi tí `-` bá gbẹ̀yìn ìlà, ẹ so ìyẹn láìsí àyè. Ẹ sì má yọ `-` kankan. Èèyàn mélòó ni wọ́n pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbẹ̀yìn ìlà?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (9:06)

Mo rí mẹ́ta: «mọ́ṣá-láṣí» lẹ́ẹ̀mejì, «ilé-ìwòsàn» lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kẹta sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ṣadé Oníwèé (9:15)

Ẹ jẹ́ kí ìlà wà bó ṣe wà ní tèmi o. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn, bó ṣe wà lórí bébà ni yóò ṣe bọ́ sórí àpòòwé.

Dámilọ́lá (9:19)

Tí ẹ bá wá fi CSV ránṣẹ́ sí ẹni tó ń yẹ owó wò, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ò ka `"`, róò á tún ya, a padà sí aago mẹ́jọ àárọ̀ nìyẹn.

Ṣadé Oníwèé (9:24)

XLSX ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, ìyẹn ò ní wàhálà ìlà.

Bàbá Atẹ̀wé (9:40)

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Ọmọ iṣẹ́ mi ti sùn láti aago mẹ́jọ.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (9:44)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ 😀 Mo máa fi àyè lásán so ti ẹni tó ń yẹ owó wò, màá sì pa ẹ̀dà tó ní ìlà mọ́ fún lẹ́tà. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ ìwé oṣooṣù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti ọdún kìíní wò, àkíyèsí wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kẹfà, nígbà mìíràn ó gba ìlà méje, kò sì sí nọ́ńbà nínú àtẹ yẹn rárá.